Èéfín Tí A Rí àti Èyí Tí A Kò Rí Nínú Ilé Ìdáná Wa



Ní ìpàdé kan ní Ọbaníkòró, lẹ́yìn tí akápò ti gba owó ìfipamọ́ oṣù tán, ìyá kan tí ń ta mọ́ínmọ́ín dìde, ó bi wá ní ìbéèrè tí a kò lè dáhùn lẹ́sẹ̀ kan náà. Ó ní láti ìgbà tí owó gáàsì ti ga ni òun ti padà sórí ìkòkò èédú. Òun kò fi igi dáná mọ́, nítorí èéfín igi ń mú kí ọmọ-ọmọ òun tí òun ń pọ̀n wúkọ́. "Èédú kì í rú èéfín," bẹ́ẹ̀ ni ó wí, "síbẹ̀ ikọ́ ọmọ náà kò lọ, èmi náà sì ń ní ẹ̀fọ́rí ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́. Kí ló fà á?"

Ìbéèrè rẹ̀ ni ó bí àròkọ yìí. Àwọn àgbà ní èéfín ni ìwà, kò ṣeé fi pamọ́. Ní ti ìwà, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní ti ilé ìdáná, èyí tí ojú rí kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Apá kan wà tí ó lè fara pamọ́ pátápátá, òun sì ni ó wà nínú èédú jù lọ.

OHUN TÍ WỌ́N RÍ NÍ ÈKÓ NÍ 1968

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àwọn òyìnbó ni ó kọ́kọ́ ṣe ìwádìí lórí èéfín ìdáná. Ara àwọn tí ó kọ́kọ́ wọn ohun tí ó wà nínú èéfín yìí ní ilé àwọn ọmọ tí ó ń ṣàìsàn ni Dókítà G. O. Ṣófolúwẹ̀, ìlú Èkó níbí ni ó sì ti ṣe é. Ní 1968 ni iṣẹ́ rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn. Ó mú àwọn ọmọ ọwọ́ 98 tí àrùn òtútù àyà àti irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ń yọ lẹ́nu, ó sì wo irú èéfín tí ó wà nínú ilé tí wọ́n ń gbé, níbi tí igi ti ń jó.

Nínú ohun tí wọ́n wọ̀n ni afẹ́fẹ́ olóró kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní káábọ̀nù mọnọ́sáìdì. Bí a bá pín afẹ́fẹ́ inú ilé ìdáná náà sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, 940 nínú rẹ̀ ni ó jẹ́ afẹ́fẹ́ olóró yìí. Bí a bá fẹ́ fi ìwọ̀n sọ ọ́, ẹ fojú inú wo àpótí kan tí gígùn rẹ̀, ìbú rẹ̀ àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kan kan. Nínú irú àpótí afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ kan, ó lé ní míligíráàmù 1,000. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé kalẹ̀ ní 2010 ni pé kí ènìyàn má ṣe mí ju míligíráàmù 35 lọ nínú àpótí kan fún wákàtí kan. Ẹ ó rí i pé ti ilé ìdáná Èkó ní 1968 fi nǹkan bí ìlọ́po 30 kọjá ààlà.

Ó yẹ kí a sọ ibi tí iṣẹ́ náà mọ. Dókítà náà kò fi àwọn ọmọ tí ara wọn le wé àwọn tí ń ṣàìsàn, nítorí náà iṣẹ́ yẹn nìkan kò lè fi hàn pé èéfín ni ó dá àìsàn sí wọn lára. Ní 1992 ni Dókítà Johnson àti Dókítà Adérẹ̀lẹ́ ṣe irú ìfiwéra bẹ́ẹ̀ ní Ìbàdàn. Wọ́n mú àwọn ọmọ 103 tí wọ́n dá dúró ní ilé ìwòsàn nítorí àìsàn àyà, wọ́n sì mú 103 mìíràn tí kò ní in. Ohun tí ìdílé fi ń dáná kò fi ìyàtọ̀ gidi hàn nípa ọmọ tí àìsàn náà mú àti èyí tí kò mú. Ṣùgbọ́n ọmọ 8 ni ó kú nínú àwọn tí ń ṣàìsàn, 5 nínú wọn sì wá láti ilé tí wọ́n ti ń fi igi dáná. Iye náà kéré, a kò gbọdọ̀ gbé ilé ńlá lé e lórí. Síbẹ̀ ó kọ́ wa ní ohun kan: bí ọmọ bá ti gba àìsàn àyà tán, èéfín lè sọ ọ́ di ohun tí ó ń pa ni.

OHUN MÉJÌ NI Ó WÀ NÍNÚ ÈÉFÍN

Ohun púpọ̀ ni ó wà nínú èéfín, ṣùgbọ́n méjì ni kí a dì mú.

Èkíní ni ẹ̀rún èéfín. Èyí ni ó ń mú kí èéfín dúdú tàbí kí ó funfun, òun náà ni ó ń di èédúdú sára àjà àti ìdí ìkòkò. Àwọn tí ó tóbi nínú rẹ̀, irun imú àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ń mú wọn, a sì ń fun wọn jáde. Àwọn tí ó kúnná jù ni ó burú. Bí a bá to nǹkan bí 30 nínú wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọn kò ju ìbú fọ́nrán irun orí kan lọ. Imú kò lè mú irú èyí. Wọ́n ń lọ tààrà sí ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọnú ẹ̀jẹ̀.

Èkejì ni káábọ̀nù mọnọ́sáìdì tí a ti dárúkọ. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í ta ojú, kì í sì í mú ènìyàn wúkọ́. Nínú ẹ̀jẹ̀ wa, ohun kan wà tí ó ń gbé afẹ́fẹ́ rere kiri ara. Afẹ́fẹ́ olóró yìí ń lẹ̀ mọ́ ọn ju afẹ́fẹ́ rere lọ ní ìlọ́po tí ó ju 200. Ó dà bí ọkọ̀ tí àwọn èrò ìbàjẹ́ ti jókòó kún: ọkọ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, ṣùgbọ́n kò sí àyè fún ẹni tí ó yẹ kí ó gbé. Orí a máa fọ́ ènìyàn, òòyì a máa kọ́ ọ, èébì a máa gbé e, bí ó bá sì pọ̀ jù, a máa pa á lójú oorun.

Ibí yìí ni ìdáhùn sí ìbéèrè ìyá náà ti bẹ̀rẹ̀. Igi ń mú ohun méjèèjì jáde. Nígbà tí wọ́n ń sun igi láti fi ṣe èédú nínú igbó, ọ̀pọ̀ ohun tí ì bá di ẹ̀rún èéfín ti jó lọ lọ́hùn-ún. Ìdí nìyí tí èédú tí ó ti pọ́n kò fi ta ojú bí igi. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ olóró kò dín kù rárá. Bí a bá wọn igi àti èédú ní kílò kan kan, ti èédú máa ń pọ̀ ju ti igi lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó fi igi sílẹ̀ tí ó mú èédú ti dín èyí tí ojú rí kù, ó sì ti fi èyí tí ojú kò rí kún un. Bí èéfín kò sì ti ta á lójú mọ́, ó lè gbé ìkòkò èédú wọ inú yàrá, èyí tí kò jẹ́ ṣe pẹ̀lú igi.

Ẹ JẸ́ KÍ A ṢÍRÒ RẸ̀

Ẹ jẹ́ kí a mú ilé ìdáná kan nínú àwọn ilé oníyàrá kọjúsími-kí-n-kọjúsíọ tí ó pọ̀ láti Ọbaníkòró títí dé Ṣómólú àti Bàrígà. Kí a sọ pé gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 4, ìbú rẹ̀ mítà 3, gíga rẹ̀ mítà 3. Àpótí afẹ́fẹ́ 36 ni ó wà nínú rẹ̀. Ìyá kan se ẹ̀wà fún wákàtí méjì, ó sì sun ìlàjì kílò èédú. Kílò èédú kan lè mú nǹkan bíi gíráàmù 200 afẹ́fẹ́ olóró jáde. Ìlàjì kílò yóò mú 100 jáde, èyí ni 50 ní wákàtí kan.

Bí fèrèsé bá wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tí afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ dáadáa, afẹ́fẹ́ inú ilé ìdáná náà lè pààrọ̀ ní ìgbà 10 láàárín wákàtí kan. Gíráàmù 50 yẹn yóò pín sínú àpótí 360. Yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ míligíráàmù 140 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìlọ́po 4 ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí a má kọjá ní wákàtí kan. Èyí ni ti ilé ìdáná tí ó ní fèrèsé rere.

Ṣùgbọ́n bí òjò bá ń rọ̀ tí wọ́n ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé, afẹ́fẹ́ lè má pààrọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín wákàtí kan. Kí ẹ̀wà náà tó jinná, yóò ti kọjá 1,000. Ẹ ó rí i pé ibi tí Dókítà Ṣófolúwẹ̀ bá èéfín igi ní 1968 ni ìṣirò èédú tiwa náà gbé wa dé. Ìdí nìyí tí a fi gbọdọ̀ sọ ọ́ láìfi bò pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé ìkòkò èédú wọ yàrá tí ènìyàn ń sùn, ìbáà ṣe nítorí òjò, ìbáà ṣe nítorí òtútù ọyẹ́. Àwọn kan ní àwọn ń dá a níta títí yóò fi pọ́n kí àwọn tó gbé e wọlé. Èyí dín ẹ̀rún èéfín kù gidigidi, nítorí ìgbà tí iná ń mú ni ó ń rú jù, pàápàá tí a bá fi ọ̀rá tàbí rọ́bà ṣáná sí i. Ṣùgbọ́n èédú tí ó pọ́n ṣì ń mú afẹ́fẹ́ olóró jáde títí yóò fi di eérú.

ÌDÍ TÍ Ó FI Ń MÚ ỌMỌ ÀTI ÌYÁ

Nínú ọ̀nà ọ̀fun wa, àwọn irun wínníwínní wà tí wọ́n ń gbá ìdọ̀tí àti kòkòrò àrùn sókè bí ẹni ń gbá ilẹ̀. Ẹ̀rún èéfín ń mú kí wọ́n dẹ́kun gbígbá. Nísàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, àwọn ọmọ ogun ara wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti gbé kòkòrò mì. Bí ẹ̀rún èéfín bá ti kún inú wọn, agbára wọn láti mú kòkòrò yóò dín kù. Èéfín nìkan kì í fa òtútù àyà. Kòkòrò ni ó ń fà á. Èéfín ni ó ń ṣílẹ̀kùn fún kòkòrò náà.

Ọmọ ọwọ́ ń mí ní ìlọ́po méjì àgbàlagbà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ nídìí ààrò, ohun tí ìyá ń mí ni òun náà ń mí, léraléra. Ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́. Ìwúlé kékeré tí àgbàlagbà kò ní kà sí lè fẹ́rẹ̀ẹ́ dí ti ọmọ pa.

Ní ti ìyá, ọdún ni ó ń ka iye. Obìnrin tí ó bẹ̀rẹ̀ sí dáná ní ọmọ ọdún 10 tí ó sì ti pé 50 ti wà nídìí ààrò fún 40 ọdún. Ẹ wo àwọn tí ń yan ẹja létí ọ̀sà ní Mákòókò, tàbí àwọn tí ń dín àkàrà lójú títì lójoojúmọ́. Ọ̀nà ọ̀fun wọn yóò máa nípọn, yóò máa pọ kẹ̀lẹ̀bẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró yóò sì máa le. Àwọn dókítà ń wo ohun kan: ikọ́ oníkẹ̀lẹ̀bẹ̀ tí ó ń wá ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ fún oṣù mẹ́ta, tí ó sì tún padà ní ọdún kejì. Obìnrin tí kò mu sìgá rí láyé rẹ̀ lè ní irú àìsàn ẹ̀dọ̀fóró tí àwọn amusìgá ń ní. Èyí tí ó ti bàjẹ́ kì í padà sí bí ó ti wà, ṣùgbọ́n bí a bá mú èéfín kúrò, ìbàjẹ́ rẹ̀ a máa fà sẹ́yìn.

BÍ A ṢE LÈ MỌ̀

Bí ọmọ bá ń wúkọ́, ẹ ká aṣọ rẹ̀ sókè nígbà tí ara rẹ̀ bá silé, tí kò sunkún, kí ẹ sì fi aago ka èémí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 2, bí ó bá tó 60, ó ti yára jù. Láti oṣù 2 sí oṣù 11, ó jẹ́ 50. Láti ọdún kan títí di kí ó tó pé ọdún 5, ó jẹ́ 40. Bí ó bá tó bẹ́ẹ̀, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Bí abẹ́ ìhà rẹ̀ bá ń wọnú bí ó ti ń mí, tàbí tí kò lè mu ọmú, kí ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́. Àgbo àti òróró ìpara kò lè ṣe iṣẹ́ oògùn tí ń pa kòkòrò.

Bí àgbàlagbà bá ti ń wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ó má sọ pé èéfín ni. Kí ó kọ́kọ́ lọ ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ife, nítorí ìyẹn ní oògùn tí ń wò ó sàn, ó sì lè ran ará ilé.

Ní ti afẹ́fẹ́ olóró, àmì rẹ̀ ni ẹ̀fọ́rí tí ó ń bẹ̀rẹ̀ nídìí iná tí ó sì ń lọ bí a bá jáde síta. Bí orí bá ń fọ́ ẹni méjì tàbí mẹ́ta nínú ilé lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ má pè é ní ibà. Ẹ gbé gbogbo wọn jáde síta, ẹ ṣí ilẹ̀kùn, kí ẹ sì gbé ẹni tí òòyì bá kọ́ lọ sí ilé ìwòsàn.

IBI TÍ ÀÀRÒ TUNTUN KÒ TI TÓ

Àwọn kan yóò sọ pé kí a ra ààrò tuntun tí kì í jẹ igi púpọ̀. Wọ́n ti dán an wò. Ní orílẹ̀-èdè Guatemálà, wọ́n kọ́ ààrò tí ó ní ihò èéfín gba òrùlé fún ìlàjì nínú àwọn ìdílé 534, àbọ̀ rẹ̀ sì jáde ní 2011. Èéfín tí àwọn ọmọ ń mí dín kù sí nǹkan bí ìlàjì. Òtútù àyà lápapọ̀ kò dín tó ohun tí a lè fọwọ́ sọ̀yà, ṣùgbọ́n èyí tí ó le nínú rẹ̀ fi nǹkan bí ìdá mẹ́ta dín kù. Ní Màláwì, wọ́n fi ààrò tí ó ń jó dáadáa fún ìdílé púpọ̀, wọ́n sì tẹ̀ lé ọmọ tí ó ju 10,000 lọ. Ní 2017, wọ́n sọ pé àwọn kò rí ìyàtọ̀ kankan nínú òtútù àyà.

Kí ló dé? Igi ṣì ni wọ́n ń dá nínú ààrò tuntun náà. Èéfín láti ilé aládùúgbò àti ibi tí wọ́n ti ń sun ìdọ̀tí sì ṣì ń wọlé. Bí a bá mú ohun tí ó fi ìlọ́po 30 kọjá ààlà, tí a gé e sí méjì, ìlọ́po 15 ni ó kù. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí fún àwa tí a ń gbé ilé kan náà. Ìdílé mẹ́jọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, bí ọ̀kan bá ra gáàsì tí méje ṣì ń fi èédú àti igi dáná, ọmọ rẹ̀ ṣì ń mí ti méje. Ikọ́ ọmọ-ọmọ ìyá oní-mọ́ínmọ́ín kò lọ, nítorí igi ṣì ń jó lẹ́yìn fèrèsé rẹ̀. Ẹ̀fọ́rí tirẹ̀ sì ti inú ìkòkò èédú tirẹ̀ wá.

OHUN TÍ ILÉ KAN LÈ ṢE

Ohun tí kò gba owó ni kí ìkòkò èédú jáde sí ẹ̀yìnkùlé, lábẹ́ ibòji tí kò ní ògiri. Kí ọmọ má wà lẹ́yìn ẹni tí ń dáná. Kí a rẹ ẹ̀wà sómi mọ́jú, kí a sì dé ìkòkò, kí àkókò ìdáná lè kúrú. Bí igi bá di dandan, kí ó gbẹ. Igi tútù ni ó ń rú jù.

Ohun tí ó gba owó ni gáàsì, ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ wa sì ti wúlò. Kẹrosíìnì kọ́ ni ìpààrọ̀ rẹ̀. Láti 2014 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí a má ṣe fi í dáná nínú ilé. Kí ẹ tó pinnu pé gáàsì wọ́n jù, ẹ wọn èédú yín lórí òṣùwọ̀n kí ẹ mọ iye tí kílò kan jẹ́. Kílò gáàsì kan ń ṣe iṣẹ́ bíi kílò èédú mẹ́ta sí mẹ́rin nínú ìkòkò èédú lásán. Nítorí náà, ẹ fi 3 sọ owó kílò èédú yín di púpọ̀. Bí owó kílò gáàsì bá kéré sí ohun tí ẹ rí, gáàsì ni ó dínwó. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ó mọ iye gan-an tí ẹ ó fi kún un. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ń ra èédú ní ọ̀rá kéékèèké ni yóò yà lẹ́nu.

Sílíńdà àti ẹnu iná rẹ̀ ni ó ń wọ́n lẹ́ẹ̀kan, òun náà ni ó sì yẹ fún ẹ̀yáwó ẹgbẹ́. Àbá wa ni pé kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa yá a ní ilé-sí-ilé, kì í ṣe ẹnì kọ̀ọ̀kan níbi tí ó wà. Kí gbogbo ìdílé tí ó jọ ń lo ilé ìdáná kan gbà á ní oṣù kan náà, kí wọ́n sì jọ ṣe onídùúró ara wọn. Bí wọ́n bá ti gbà á, kí sílíńdà wà níta ilé, kí wọ́n sì fi ọṣẹ ṣíṣàn pa oríkèé rọ́bà rẹ̀. Bí ọṣẹ náà bá ń hó, ó ń jò, kí wọ́n má ṣáná.

Ìyá oní-mọ́ínmọ́ín ti gbé ìkòkò rẹ̀ jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Ó ní ẹ̀fọ́rí ìrọ̀lẹ́ ti lọ. Ikọ́ ọmọ náà ń dúró de àwọn ará ilé yòókù.